Télọ̀ ni mí, ojú òpó márùn-ún ni mò ń gbé iṣẹ́ kiri, èwo ni kí n mú?

Abẹ́rẹ́Wúrà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Gáùn obìnrin ni mò ń rán, ti òde àti ti ìyàwó, oníwọ̀n ni gbogbo ẹ̀, mi ò rán èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ háńgà tà. Mo wà lórí Instagram, TikTok, Facebook, Pinterest àti YouTube, WhatsApp tún wà níbẹ̀, ó sì ti sú mi. Tí mo bá parí gáùn kan, fídíò kan náà ni màá gbé kiri gbogbo wọn, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó padà sídìí máṣìn. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan tàbí méjì, ó dáa, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó máa mú? Fídíò mi kan lórí TikTok, ó lé ní 40,000 èèyàn tó wò ó, ọ́dà kan ṣoṣo ò tibẹ̀ wá. Ẹ là mí lóye.

Ọmọ_Tirẹ́ǹdì

Àǹtí, ẹ má fi TikTok sílẹ̀ o! Ibẹ̀ lèrò wà báyìí. Tó bá jẹ́ àwọn yòókù ni, tẹ́ ẹ ò bá ní ẹni tó ń tẹ̀lé yín ó lè ṣòro kí èèyàn rí yín, ṣùgbọ́n TikTok máa ń gbé fídíò ẹni tí kò gbajúmọ̀ síwájú ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí, nínú For You yẹn. 40,000 kì í ṣe nǹkan kékeré o, àwọn kan ń wá a wọn ò rí i. Ẹ ṣáà máa pósítì lójoojúmọ́, ọ́dà á wọlé. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà, tèmi tiẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ má fi ìkankan sílẹ̀.

Àǹtí_Pátánì

Ọmọ_Tirẹ́ǹdì, òótọ́ lo sọ nípa For You, ṣùgbọ́n ọjà wo la fẹ́ wọ̀ ná? Ẹni tó ń rán aṣọ oníwọ̀n kò lè ta gáùn fún 40,000 èèyàn, kò tiẹ̀ lè tà á fún 40 lóṣù kan.

Abẹ́rẹ́Wúrà, kí á tó dárúkọ ojú òpó kankan, ẹ dá mi lóhùn. Gáùn mélòó lẹ lè rán parí lọ́sẹ̀ kan tẹ́ ẹ ò fi ní já ẹnikẹ́ni kulẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tẹ́ ẹ ní báyìí? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ìwọ̀n sí, ẹ wo gbogbo ẹni tó san àsansílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, kẹ́ ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ibi tó ti KỌ́KỌ́ rí iṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fiyè sí i, mi ò ní ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ owó o, ibi tó ti kọ́kọ́ rí yín ni mo wí. Èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi í, kò sí kọ́sítọ́mà tó ń bínú sírú ìbéèrè yẹn. Kẹ́ ẹ tún sọ fún wa, kí ló wà nínú fídíò tí 40,000 èèyàn wò yẹn gan-an?

Bàbá_Súùtù

Ẹ̀yin ọmọdé yìí ẹ fẹ́ràn wàhálà. Súùtù ọkùnrin ni mò ń rán, ó ti pẹ́ tí mo ti pa gbogbo ojú òpó tì, WhatsApp nìkan ló kù. Gbogbo ọ́dà mi, WhatsApp ni wọ́n ti ń wá, mo gbé e sí Status, wọ́n pè mí, ó parí. Ohun tó jẹ́ kí n fi àwọn yòókù sílẹ̀ ni pé àkáǹtì mi kan di títì lọ́jọ́ kan báyìí, mi ò mọ ohun tí mo ṣe, àwòrán ọ̀pọ̀ ọdún wọgbó. WhatsApp tó ẹni tó bá mọṣẹ́ ẹ̀.

Kọ́ṣẹ́_Kọ́ṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọ̀gá. Èmi náà fẹ́ béèrè pé èwo ló dáa jù nínú wọn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé gáùn kọ́sẹ̀ẹ̀tì, YouTube àbí TikTok? Torí ti TikTok máa ń yára jù, kí n tó rí ibi tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sí, ó ti kọjá. Àǹtí Abẹ́rẹ́Wúrà, mo rò pé mo ti rí fídíò yín rí o, èyí tẹ́ ẹ ti ń ki bóònù bọ inú aṣọ, mo wò ó tó ìgbà mẹ́rin.

Abẹ́rẹ́Wúrà

Háà @Kọ́ṣẹ́_Kọ́ṣẹ́ kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn, ṣùgbọ́n o ṣé tó o wò ó 😄. Fídíò yẹn náà ni.

Àǹtí, mo máa lọ gbé ìwé náà, ẹ fún mi láyè.

Àǹtí_Pátánì

Kò tiẹ̀ ní láti jẹ́ ohun tẹ́ ẹ béèrè, ó ti fún yín ní ìdáhùn kan. Ẹ wo ẹni tó wo fídíò yín nígbà mẹ́rin: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, kò fẹ́ ra gáùn, ó fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń rán an. Fídíò tí èèyàn ti ń gé aṣọ, tó ń ki bóònù, tó ń lẹ gọ́mù, tó ń tẹ máṣìn, àwa télọ̀ la fẹ́ràn ẹ̀, àwa la máa wò ó dópin, a máa wò ó ní àwòtúnwò, ojú òpó á wá rò pé ó dáa, á sì tún gbé e síwájú àwọn tó jọ wá. Bí 40,000 ṣe ń pé nìyẹn. Ẹ padà sínú kọ́mẹ́ǹtì ibẹ̀, ẹ ka ogún tó wà lókè. Tó bá jẹ́ "ẹ̀gbọ́n, yáàdì mélòó ni?", "ṣé ẹ ń kọ́ èèyàn níṣẹ́?", "irú nọ́ńbà abẹ́rẹ́ wo lẹ lò?", àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kọ́mẹ́ǹtì kọ́sítọ́mà kì í dún báyẹn, tiwọn ni "ọjọ́ mélòó ló máa gbà?", "ṣé èèyàn tó sanra lè wọ irú èyí?", "ibo lẹ wà?".

Bàbá_Súùtù, ẹ má bínú, ẹ kú ìfaradà àwòrán tó lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín, ẹni tó rí Status yín, báwo ni nọ́ńbà yín ṣe dé ọwọ́ ẹ̀? Èèyàn kì í ṣèèṣì rí Status ẹnikẹ́ni, ó ti gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀, ẹ̀yin náà sì ti fi tiẹ̀ pamọ́. Ó túmọ̀ sí pé ibòmíì ló ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa yín. Ẹnì kan ló wọ súùtù yín jáde, òun ló júwe yín. WhatsApp ni wọ́n ti wá bá yín sọ̀rọ̀, òun kọ́ ló mú wọn wá. Ìdí tí mo fi ní kí Abẹ́rẹ́Wúrà béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nìyẹn, torí tá a bá bèèrè ibi tí ọ́dà ti wá, gbogbo wa pátá la máa dáhùn WhatsApp.

Bàbá_Súùtù

Mo gbà díẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń júwe mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà wá fi hàn pé mi ò nílò ojú òpó míì.

Àǹtí_Pátánì

Tí ọwọ́ yín bá ti kún, ẹ ò nílò ẹ̀ lóòótọ́. Mi ò jiyàn ìyẹn o.

Yúnífọ́ọ̀mù_Nìkan

Tèmi ńkọ́? Aṣọ iléèwé àti aṣọ òṣìṣẹ́ ni mò ń rán, mo ti gbé e sí gbogbo ibi, kò sẹ́ni tó láìkì í. Ta ni máa láìkì ṣòkòtò aláwọ̀ eérú 😩.

Àǹtí_Pátánì

Tìrẹ yàtọ̀ o. Ẹni tó ń wọ aṣọ náà kọ́ ló ń yàn án, ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó rírà, òun ni kó o wá, wọn kì í sì í wá aṣọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Gbé sáńpù kan àti lẹ́tà lọ bá a, kó o sì ní ibì kan tó mọ́ tó lè wo iṣẹ́ rẹ tó bá fẹ́ yẹ̀ ọ́ wò. Tó bá jẹ́ ti ojú òpó ni, bóyá LinkedIn, ìyẹn náà ṣì wà lọ́wọ́ irú iléeṣẹ́ tó o fẹ́ bá ṣe.

Abẹ́rẹ́Wúrà

Mo ti dé o. Mo jókòó ti ìwé náà, mo sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi àwọn tí mi ò mọ̀.

Èmi àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi kan, a lè rán gáùn mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan tí kò sí ariwo. Ní oṣù mẹ́ta yẹn, èèyàn 31 ló san àsansílẹ̀. 14 nínú wọn, ẹni tó wọ aṣọ mi ló júwe mi fún wọn. 9 rí mi lórí Instagram. 5 rí aṣọ mi lórí Status ọ̀rẹ́ wọn, ìyẹn kọ́sítọ́mà mi tó gbé àwòrán ara ẹ̀ síbẹ̀. 2 wá láti Facebook. 1 ń kọjá lọ ló yà sí ṣọ́ọ̀bù. TikTok òfo, Pinterest òfo, YouTube òfo, ó dùn mí nítorí YouTube yẹn, àkókò tí mo fi ń gé fídíò ẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ.

Kọ́mẹ́ǹtì fídíò yẹn náà, mo kà á, ẹ ṣe bí ẹni wà níbẹ̀ ni. Yáàdì, yáàdì, ṣé ẹ máa kọ́ mi. Àwọn kan béèrè ibi tí mo wà, mo dá wọn lóhùn, ó jìnnà sí wọn gan-an, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́.

Àǹtí_Pátánì

Ẹ ṣeun, ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wàyí. Oṣù mẹ́ta jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13. Gáùn mẹ́rin lọ́sẹ̀, 52 nìyẹn. Ẹ gba 31. Ohun tó ṣófo jẹ́ 21, tẹ́ ẹ bá pín in sí ọ̀sẹ̀ 13, kò pé méjì lọ́sẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń wá kiri ojú òpó márùn-ún nìyẹn o, kọ́sítọ́mà tuntun tí kò pé méjì lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì lè débẹ̀ fún fítíìnì ẹ̀ẹ̀mejì. Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká wá.

Ibi tí mo wá rí ọ̀rọ̀ sí ni àwọn 14 yẹn. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kejì: kó o tó pè mí, ibo lo ti lọ wo iṣẹ́ mi? Torí ẹni tí wọ́n júwe télọ̀ fún kì í kàn sanwó bẹ́ẹ̀, pàápàá gáùn ìyàwó, á kọ́kọ́ wá orúkọ náà láti mọ̀ bóyá ohun tí ọ̀rẹ́ òun sọ jóòótọ́. Tí púpọ̀ nínú wọn bá lọ wo Instagram yín kí wọ́n tó pè, á jẹ́ pé ojú òpó yẹn ń ṣe ju 9 lọ, iṣẹ́ álíbọ́ọ̀mù ló ń ṣe fún yín.

Bí èmi ṣe rò ó nìyí: ibì kan tí àlejò á ti rí yín tí á sì wo iṣẹ́ yín tọ́kàn ẹ̀ á balẹ̀, àti ibì kan tẹ́ ẹ ti máa jọ sọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ọjọ́ àti owó. Instagram fún ti àkọ́kọ́, WhatsApp fún ìkejì. Kì í ṣe torí pé Instagram dáa ju TikTok lọ fún gbogbo ayé o, torí pé ìwé yín ló sọ ọ́. Ká ní ìwé yín sọ Facebook, Facebook ni màá ní kẹ́ ẹ mú.

Ọmọ_Tirẹ́ǹdì

Ó dáa, mo gbọ́ ti ìṣirò. Ṣùgbọ́n àǹtí, bóyá àṣìṣe wà nínú irú fídíò tí wọ́n gbé síbẹ̀, kì í ṣe TikTok. Tó bá jẹ́ fídíò obìnrin tó wọ gáùn náà tó ń yípo ni wọ́n gbé síbẹ̀, ṣé kò ní mú kọ́sítọ́mà wá?

Mo fẹ́ fi èyí kún un: ẹ má gba fídíò sílẹ̀ láti TikTok pẹ̀lú àmì ẹ̀ lára kẹ́ ẹ wá gbé e sórí Instagram o. Láti 2021 ni Instagram fúnra wọn ti sọ pé àwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé fídíò tó ní àmì ojú òpó míì lára síwájú èèyàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo fídíò kan náà, èyí tó wà nínú fóònù yín gan-an ni kẹ́ ẹ gbé.

Abẹ́rẹ́Wúrà

Yéè! Bí mo ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn, pẹ̀lú àmì lára 🙈

Àǹtí_Pátánì

Ọmọ_Tirẹ́ǹdì, o ṣé fún ìyẹn, mo sì gbà pé irú fídíò míì lè mú èsì míì wá, bóyá. Ibi tó ṣòro ni ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ń rán aṣọ sí sáìsì tó sì ń fi í ránṣẹ́, kò sí ewu tí ẹni tó wò ó bá wà níbi tó jìnnà, kódà ó dáa fún un. Ẹni oníwọ̀n gbọ́dọ̀ rí ara kọ́sítọ́mà. Kọ́sẹ̀ẹ̀tì tí wọn ò dán wò lára ẹni tó ni ín, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Sáìsì_Mẹ́wàá

Ẹni onísáìsì nìyí o. Mo fẹ́ jẹ́rìí sí ohun tí Àǹtí sọ, tèmi yàtọ̀ pátápátá sí ti Abẹ́rẹ́Wúrà. Aṣọ sáìsì ni mò ń rán, mo ní ojú ìwé tí èèyàn ti lè sanwó, TikTok àti Pinterest ló ń gbé èèyàn wá fún mi. Pinterest pàápàá, àwòrán tí mo gbé síbẹ̀ tipẹ́ ṣì ń mú èèyàn wá, torí àwọn èèyàn ń wá nǹkan níbẹ̀ ni, kì í ṣe pé wọ́n ń wò ó kọjá bíi ti ibòmíì, tí wọ́n bá sì tẹ àwòrán náà ó máa gbé wọn lọ sójú ìwé mi tààrà.

Àǹtí_Pátánì

Gan-an ni. Fún Abẹ́rẹ́Wúrà, ohun tí wọ́n máa ṣe lórí Pinterest ni pé wọ́n á fi sítáìlì ẹ̀ pamọ́, wọ́n á gbé fóònù lọ fi han télọ̀ tiwọn pé irú èyí ni mo fẹ́. Ẹ ti ṣiṣẹ́ fún télọ̀ ẹlòmíì nìyẹn.

Abẹ́rẹ́Wúrà

Wọ́n ti gbé àwòrán iṣẹ́ ara mi wá bá mi rí pé kí n rán irú ẹ̀ o, ẹni náà ò mọ̀ pé èmi ni mo rán an 😂

Mo bi àwọn 14 yẹn. 11 ló dáhùn. 8 ní àwọn wo Instagram kí àwọn tó pè. Ẹnì kan ní òun wò ó, òun ò sì fẹ́ràn ohun tí òun rí, pé fídíò máṣìn pọ̀ jù, pé ọ̀rẹ́ òun ló rọ òun. Ìyẹn wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n wá gbé síbẹ̀?

Àǹtí_Pátánì

Ẹni yẹn ṣe yín lóore. Ẹ wò ó bíi pé ẹ jẹ́ ìyàwó tó ń wá télọ̀: kí lẹ máa fẹ́ mọ̀? Ẹ máa fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ ẹ̀ ń jókòó dáadáa lára èèyàn gidi. Torí náà ẹ dín àwòrán orí dọ́mì kù, dọ́mì kì í ní ikùn, kì í mí, gbogbo aṣọ ló ń dúró lára ẹ̀. Ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà bá wá gbé aṣọ ẹ̀ lẹ máa yà á, nítòsí fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà: iwájú, ẹ̀yìn tí síìpù tàbí okùn wà, ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan tó jókòó, àti fídíò kékeré tó ń rìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, ẹni tó bá mọ aṣọ, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò, tí síìpù bá wọ́ kò sí bó ṣe máa fara pamọ́. Láti ara gáùn kan yẹn lẹ máa rí ohun tẹ́ ẹ máa gbé jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ ò nílò láti máa wá nǹkan tuntun lójoojúmọ́.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà o. Tó bá jẹ́ gáùn ìyàwó, ẹ má gbé e jáde kí ọjọ́ náà tó kọjá, kódà tí òun fúnra ẹ̀ bá ti ní kò sí wàhálà, ẹ dúró. Àwọn kan wà tí wọn ò ní fẹ́ kí ojú wọn hàn, ẹ yà á láti ọrùn sísàlẹ̀.

Instagram gbà yín láyè láti kan pósítì mẹ́ta mọ́ òkè. Ẹ lò wọ́n. Ọ̀kan á jẹ́ gáùn yín tó dáa jù láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Èkejì á sọ bí ọ́dà ṣe ń lọ lọ́dọ̀ yín, pé ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ ń gbà, pé fítíìnì ẹ̀ẹ̀mejì ni, pé ìgbà wo lẹ ń gba àsansílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ibi tẹ́ ẹ wà àti bí wọ́n ṣe máa kàn sí yín. Ẹni tó bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sì tún pè yín, ó ti ṣe tán díẹ̀, ẹ ò ní máa tún àlàyé kan náà ṣe ní gbogbo òru.

Nínú Bio, ẹ fi línkì WhatsApp tó ti ní ọ̀rọ̀ nínú síbẹ̀:

```
https://wa.me/NOMBA?text=Mo%20ri%20yin%20lori%20Instagram
```

Níbi tí mo kọ NOMBA sí, nọ́ńbà yín ló máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè, kò sí àmì + níwájú ẹ̀, kò sí òdo àkọ́kọ́, kò sì sí àlàfo. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn á ti wà nínú àpótí ẹ̀, ẹ máa mọ ibi tó ti wá. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń lo Facebook, ẹ kọ Facebook sí ti ibẹ̀.

Ọmọ_Tirẹ́ǹdì

Èyí dáa gan-an, mi ò ronú kàn án rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan á pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ ńkọ́, àwọn míì á kàn kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé.

Àǹtí_Pátánì

Bẹ́ẹ̀ ni, kì í mú gbogbo èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ṣì máa béèrè lẹ́nu lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n wọ́n, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà àti ìbàdí níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣí Insights, ẹ má wo láìkì. Ẹ wo iye ẹni tó fi pósítì pamọ́, iye ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, àti iye ẹni tó wọ ojú ìwé yín lẹ́yìn tó rí i. Obìnrin tó ń ronú gáùn máa ń fi í pamọ́, á sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti bi í pé báwo ni. Ẹ tún wo ìlú tí àwọn tó ń wò yín ti wá, ó wà níbẹ̀. Tí èyí tó pọ̀ jù bá jìnnà sí yín, ẹ mọ̀ pé àwọn télọ̀ àti àwọn olùwòran lẹ ń kó jọ padà nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ tún irú ohun tẹ́ ẹ ń gbé jáde wò.

Bàbá_Súùtù

Nípa WhatsApp, níbi tí mo ti mọ nǹkan díẹ̀. Kó lo WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni. Mo máa ń lo Labels ẹ̀, ẹni tí mo ti wọ̀n ní àwọ̀ kan, ẹni tó ń dúró de fítíìnì ní àwọ̀ míì, ẹni tó jẹ gbèsè pupa 😀. Kó sì máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi nọ́ńbà òun pamọ́ lójú òun níbẹ̀, torí tó bá fi broadcast ránṣẹ́ sí ẹni tí kò fi nọ́ńbà ẹ̀ pamọ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni náà rárá, ó sì lè máa rò pé wọ́n kàn ń dákẹ́ ni. 256 èèyàn ni àkójọ kan ń gbà.

Ẹ kọ nọ́ńbà kọ́sítọ́mà sínú ìwé o. Fóònù máa ń sọnù, àkáǹtì máa ń tì.

Àǹtí_Pátánì

Amin sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Àwọn 5 tó rí aṣọ lórí Status ọ̀rẹ́ wọn, ẹ má fojú fò wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti ya àwòrán tó dáa ní ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà náà lójú ẹsẹ̀, inú ẹ̀ ṣì ń dùn nígbà yẹn, òun fúnra ẹ̀ á gbé e sí Status ẹ̀, gbogbo àwọn tó rí i sì jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wákàtí 24 péré ló máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó.

Yúnífọ́ọ̀mù_Nìkan

Àwọn tí wọ́n ń wá télọ̀ lórí Google ńkọ́, àwọn tó ń kọ "télọ̀ nítòsí mi"? Èmi ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ níbẹ̀, Google Business Profile, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ṣe é, mi ò pósítì nǹkan kan, ó sì máa ń mú èèyàn díẹ̀díẹ̀ wá fún àtúnṣe aṣọ.

Àǹtí_Pátánì

Ìyẹn náà dáa, kó ṣe é. Mi ò ka ìyẹn mọ́ ojú òpó tí èèyàn ń bọ́, kò ní gba àkókò lọ́wọ́ ẹ̀ ju kó máa bẹ kọ́sítọ́mà pé kí wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

Abẹ́rẹ́Wúrà

Mo ti rí ọ̀nà. Ó kù kí n bi yín, àwọn yòókù, ṣé kí n pa wọ́n rẹ́ ni? Báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó kí n tó mọ̀ pé èyí tí mo mú yìí ń ṣiṣẹ́?

Àǹtí_Pátánì

Ẹ má pa wọ́n rẹ́, ẹlòmíì lè gba orúkọ yín. Ẹ fi pósítì kan sókè tó ní ibi tẹ́ ẹ wà báyìí, kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Fún ìgbà, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì dájọ́. Ẹni tó ń wá gáùn ìyàwó lè fi pósítì yín pamọ́ ní oṣù yìí kó tó pè ní oṣù mẹ́ta sí i. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta míì, kẹ́ ẹ tún ka ìwé náà bẹ́ ẹ ṣe kà á yìí.

Ọmọ_Tirẹ́ǹdì

Mi ò fara mọ́ kí wọ́n fi àkáǹtì tó ti kú sílẹ̀ o. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ tí wọn ò dá a lóhùn, ó máa rò pé wọ́n ń gbéra ga ni, tàbí pé wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó sàn kí wọ́n ti àpótí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pa, tàbí kí wọ́n fi í pamọ́ pátápátá.

Àǹtí_Pátánì

Tó bá ṣeé tì, kó tì í. Kí orúkọ ṣáà wà.

Abẹ́rẹ́Wúrà

Mo ti ti àpótí ọ̀rọ̀ TikTok pa. YouTube mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ní òun fẹ́ máa bá mi mójú tó o, @Kọ́ṣẹ́_Kọ́ṣẹ́ ibẹ̀ lo ti máa rí kọ́sẹ̀ẹ̀tì yẹn, ó gùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mi ò sọ tẹ́lẹ̀. Àwọn 2 tó wá láti Facebook yẹn, ìyá ìyàwó làwọn méjèèjì. Ọ̀kan gbé gáùn mẹ́ta wá, tiẹ̀ àti ti ọmọ ẹ̀ méjì, èkejì gbé mẹ́rin. Mo ka ẹni tó sanwó ni, mi ò ka aṣọ. Àwọn yòókù, gáùn kan kan ni.

Àǹtí_Pátánì

Háà. Ìyẹn yí ìṣirò mi padà nìyẹn. Kì í ṣe 31 lẹ rán, 36 ni, ohun tó ṣófo kù sí 16, díẹ̀ ló fi lé ní ọ̀kan lọ́sẹ̀. Facebook tí mo rò pé ó wà nísàlẹ̀, gáùn méje ló mú wá, ti Instagram jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó súnmọ́ra.

Èèyàn méjì kéré láti fi pinnu o, ó lè jẹ́ oríire lásán. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ìyá méjèèjì yẹn rí lórí Facebook gan-an? Ṣé ojú ìwé yín ni àbí inú ẹgbẹ́ kan?

Abẹ́rẹ́Wúrà

Ọ̀kan ní inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ni, ẹnì kan ló béèrè télọ̀ tí wọ́n sì dárúkọ mi níbẹ̀. Èkejì kò rántí. Màá tún bi í tó bá wá gbé aṣọ lọ́jọ́ Ẹtì.